Kí ẹ tó na téèpù sí ààlà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìlú Oǹdó ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ti ní kí bíríkìlà gbẹ́ ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì, ó sì dá mi lójú pé wọ́n ti wọ ilẹ̀ mi tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ pe lọ́yà, ká mú téèpù, ká wọ̀n ọ́n, kó tán síbẹ̀. Ṣé téèpù lásán lè parí ọ̀rọ̀ ààlà?"

Ó lè parí rẹ̀, bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí ibi tí orí téèpù máa wà. Bí nǹkan ṣe gùn tó ni téèpù ń sọ. Kò mọ ibi tí ilẹ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjà ààlà tí wọ́n ti pè mí sí lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀féyọ̀, ẹni méjèèjì ló fa téèpù dáadáa, ẹni méjèèjì ló ka nọ́ńbà tó tọ́, ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn aládùúgbò méjì kan fún yín, lápá Ọba-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́, torí pé ẹsẹ̀ bàtà méjì náà ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn.

Bí èèyàn bá dúró sójú títì tó kọjú sí ilẹ̀ náà, apá òsì ni ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Apá ọ̀tún ni ti ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Màmá Aláṣọ. Ọwọ́ ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì ti ra ilẹ̀, púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 lójú títì, 100 wọnú lọ. Bàbá ti kọ́lé, ó sì ti ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ Màmá ṣì ṣófo, pèrègún tí wọ́n gbìn sáàárín sì ni gbogbo wọn mọ̀ sí ààlà. Ṣùgbọ́n pèrègún yìí ti pẹ́. Ó ti hù jáde lọ́tùn-ún lósì, ó ti di igbó tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn nínú wọn mọ́.

Lọ́jọ́ tí bíríkìlà Màmá ta okùn, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ́ ilẹ̀, Bàbá Tíṣà jáde sí wọn. Ó ní kí ọmọ òun mú téèpù wá. Ọmọ yìí gbé orí téèpù lé ara fẹ́ǹsì bàbá rẹ̀ tó wà lápá òsì, ó fà á wá sápá ọ̀tún, ó ka ẹsẹ̀ bàtà 50, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀. Èèkàn náà ré okùn bíríkìlà kọjá, ó bọ́ sínú ilẹ̀ Màmá ní ẹsẹ̀ bàtà méjì géérégé.

"Ẹ wá wò ó o," ni Bàbá wí. "Mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Téèpù ló sọ̀rọ̀."

Bíríkìlà ò gbà. Ó ní kí wọ́n yá òun ní téèpù kan náà. Òun lọ bẹ̀rẹ̀ láti ara fẹ́ǹsì ẹnì kẹta, ìyẹn aládùúgbò Màmá lápá ọ̀tún, ó fà á wá sápá òsì, ó ka 50, nọ́ńbà náà sì bọ́ sórí okùn tó ti ta tẹ́lẹ̀.

Màmá Aláṣọ pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá. Téèpù yín mà ni!"

Wọ́n tún un wọ̀n, ibì kan náà ló já sí. Ohùn ti ń ròkè nígbà tí ẹnì kan nínú àwọn tó ń wòran dábàá pé kí wọ́n pín ẹsẹ̀ bàtà méjì náà sí méjì, kí kálukú yọ̀ǹda ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka irú èyí sí ọgbọ́n àgbà. Èmi ò fara mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ á sì hàn sí yín láìpẹ́. Màmá Aláṣọ fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ó ní bí oníbàárà bá sọ pé aṣọ òun ò pé ọ̀pá márùn-ún, òun kì í sáré fi ìdajì ọ̀pá bẹ̀ ẹ́, òun á kọ́kọ́ bi í níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n. Bàbá Tíṣà mi orí. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà pé kí wọ́n fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, kí wọ́n pè mí.

Ìwé sọ̀féè àwọn méjèèjì ni mo kọ́kọ́ béèrè. Lórí ìwé yìí, ẹ óò rí àwòrán ilẹ̀ yín tí wọ́n fi ìlà pupa yí ká. Ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nọ́ńbà pílà tó dúró síbẹ̀, lẹ́tà díẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, wọ́n sì kọ nọ́ńbà yìí kan náà sórí pílà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bó ṣe gùn tó ní mítà, àti ibi tí ìlà náà kọjú sí. Ẹ tẹ́ ìwé méjèèjì síra. Láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò yín, pílà méjì ló yẹ kó wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí nọ́ńbà pílà méjèèjì yìí bá wà lórí ìwé tiyín, tó tún wà lórí ìwé tiwọn, ìlà kan ṣoṣo ló là yín láàárín, téèpù sì lè wá a rí.

Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ síra ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ìwé méjèèjì gun ara wọn lórí, ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣẹ́ kù láàárín tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú yín. Téèpù ò lè rí ìkankan nínú méjèèjì. Sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló máa ṣírò rẹ̀, ó sì lè bá a dé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́. Bákan náà ló rí bí ẹnì kan nínú yín ò bá ní ju rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100" tó wà lórí rìsíìtì ò sọ ibi tí 50 náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn ará Ọba-Ilé wa, nọ́ńbà bára mu. Ìwé méjèèjì sọ pé mítà 15.24 ni ojú títì, mítà 30.48 ni wíwọnú, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 50 àti 100 láìlé láìdín. Ẹ fi 15.24 yẹn sọ́kàn, torí pé àwọn bíríkìlà mìíràn ń pe mítà 15 ní ẹsẹ̀ bàtà 50. Sẹ̀ǹtímítà 24 tó ń sọnù síbẹ̀ fẹ̀ ju búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án lọ.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí wá pílà. Ti iwájú lápá òsì ò ṣòro, torí pé Bàbá fa fẹ́ǹsì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò létí títì, pílà wà nínú koríko níwájú rẹ̀. Ti iwájú lápá ọ̀tún náà wà níwájú fẹ́ǹsì ẹnì kẹta, iyẹ̀pẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Pílà àárín níwájú, èyí tí gbogbo ìjà dá lé, kò sí mọ́. Katakátá tó la títì ló hú u lọ. Ti àárín lẹ́yìn ló gbà wá lákòókò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà fi àdá ṣán pèrègún, wọ́n fi ọkọ́ họ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ́ fi dún kò! lára kọnkéré. Wọ́n da omi sí i, Màmá Aláṣọ fi ewé nu orí rẹ̀, Bàbá Tíṣà wọ dígí, ó ń ka nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, Màmá sì ń fi ìka tọ́ ọ lójú ìwé tirẹ̀. Ó bá a mu dé orí èyí tó gbẹ̀yìn.

Kí ẹ tó gba pílà kankan gbọ́, ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín. Èyí tó wà níbi tí wọ́n ti rì í kì í mì, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á le, gbòǹgbò á sì ti gba ara rẹ̀ kọjá. Bó bá ń mì, bó bá dagun, tàbí tí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀ tó sì yàtọ̀ sí ti àyíká, wọ́n ti lè tún un rì, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wọ̀n láti ibẹ̀. Irin tàbí ìṣó tí ẹ óò rí láàárín orí pílà gan-an ni ojú ààlà. Etí kọnkéré kọ́.

Téèpù mítà 50 ni mo lò. Téèpù mítà 30 tó wọ́pọ̀ lọ́jà ò tó ẹsẹ̀ bàtà 100, sẹ̀ǹtímítà 48 ló máa kù, èyí tí ẹ bá sì fi rúlà lé lórí á bí àríyànjiyàn mìíràn. Téèpù kékeré onímítà márùn-ún tún burú jù, torí pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ tí ẹ tún gbé e síwájú ni àṣìṣe díẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Ẹ yẹ orí téèpù wò pẹ̀lú. Lára àwọn kan, òdo wà ní ètè òrùka tí ẹ ń dì mú. Lára àwọn mìíràn, ó wà lára téèpù fúnra rẹ̀, lẹ́yìn òrùka. Àwọn tó ti já tí wọ́n tún so kò yẹ ká fi ṣèdájọ́ rárá.

Bàbá Tíṣà di òdo mú lórí irin pílà òsì, Màmá Aláṣọ dúró ti pílà ọ̀tún. Mo fẹ́ kó jẹ́ àwọn fúnra wọn ló kà á. A fà á le kí ó má bàa rọ̀ láàárín, torí pé téèpù tó bá rọ̀ tó ìdajì mítà lórí ibi tó gùn tó mítà 30 á fi sẹ̀ǹtímítà méjì purọ́. Màmá kà á: mítà 30.50.

Ìwé sọ pé 15.24 lọ́nà méjì, ìyẹn 30.48. Sẹ̀ǹtímítà méjì ló fi lé. Ojú Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé fún un pé ìyẹn kò ju ohun tí téèpù ọwọ́ máa ń fi yàtọ̀ lọ. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ni, ǹ bá dá wọn dúró. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká pín in fún ìlà méjèèjì bó ṣe tọ́ sí wọn, tiwọn sì dọ́gba, nítorí náà ó di mítà 15.25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí i lórí ìwé pé ibì kan náà ni ìlà iwájú méjèèjì kọjú sí, ìyẹn ni pé pílà mẹ́ta iwájú tò gọ́ọ́rọ́. Bí títì bá ṣẹ́ kọ́ńdọ́ níbi pílà àárín, ẹ ò lè pín in báyìí.

A kan èèkàn síbi 15.25. Gbogbo wọn súnmọ́ ọn. Èèkàn tuntun yìí fi ínṣì 18 wà lápá Bàbá sí èèkàn tí ọmọ Bàbá kàn, ó sì fi ínṣì 6 wà lápá Màmá sí okùn bíríkìlà. Ínṣì 18 àti 6, ínṣì 24 nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà méjì tí wọ́n ń jà sí.

Mo mú wọn padà lọ sídìí fẹ́ǹsì Bàbá lápá òsì. Nígbà tí Bàbá ń mọ fẹ́ǹsì yẹn, ó ṣe ohun tó dára. Ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì máa ń fẹ̀ ju ògiri orí rẹ̀ lọ. Ìpìlẹ̀ tirẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 27, ògiri jẹ́ ínṣì 9, nítorí náà ìpìlẹ̀ yọ ínṣì 9 jáde lọ́tùn-ún lósì lábẹ́ ilẹ̀. Kí kọnkéré rẹ̀ má bàa wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ó fi ínṣì 9 sílẹ̀ láti ojú ààlà kó tó gbé búlọ́ọ̀kù kalẹ̀. Ínṣì 9 tó fi sílẹ̀ àti ínṣì 9 tí ògiri gbà, 18 nìyẹn. Inú ọgbà sì ni ọmọ rẹ̀ ti gbé téèpù lé ògiri. Bàbá wo ògiri náà títí. Ó ní, "Fẹ́ǹsì mi la wọ̀n. A ò wọn ilẹ̀ mi."

A bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹnì kẹta yìí ti mọ fẹ́ǹsì rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ Màmá ní ínṣì 6, pílà tó wà níwájú sì fi hàn kedere. Ara fẹ́ǹsì yẹn ni bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀, ló bá ti okùn ààlà wọ inú ilẹ̀ Bàbá ní ínṣì 6. Bó bá jẹ́ pé wọ́n pín ẹsẹ̀ bàtà méjì ọ̀hún sí méjì ni, ààlà á ti fi ínṣì 6 wọ ilẹ̀ Màmá láti ọ̀dọ̀ Bàbá, lẹ́yìn èyí tó ti pàdánù lọ́dọ̀ ẹnì kẹta. Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ pínpín ní ìdajì nìyẹn. Ó máa ń dà bí ìdájọ́ òdodo, àmọ́ ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kéré ló máa ń san èyí tó pọ̀.

Iwájú ti yanjú, ó ku kí a ta okùn dé pílà ẹ̀yìn. A wọ̀n ọ́n láti èèkàn dé ibẹ̀ kó lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Téèpù tí a tẹ́ lórí ilẹ̀ sọ pé mítà 30.58. Ìwé sọ 30.48. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, ó fi nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀ rẹlẹ̀ ju iwájú lọ, bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni gbogbo nọ́ńbà orí ìwé sọ̀féè ṣe rí. A wá wọ̀n ọ́n ní ìpele ìpele, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó wà lókè fi òdo kanlẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbé téèpù sókè títí ó fi tẹ́jú, ó so okùn onírin tí bíríkìlà fi ń wo ìdúró ògiri sí i, kó lè mọ ibi tí èèkàn máa wà nílẹ̀ gan-an. Bí ẹ ò bá ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí ẹ óò fi mọ̀ bóyá téèpù tẹ́jú, ẹ di okùn náà mú sójú kan, kí ẹ máa gbé téèpù lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Ibi tí nọ́ńbà bá ti kéré jù lọ ni téèpù ti tẹ́jú. Lọ́tẹ̀ yìí, mítà 30.49 ló jẹ́.

Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ kò ní láti ṣòfò. Bàbá Tíṣà ló mú àbá wá pé òun náà nílò fẹ́ǹsì lápá ibẹ̀, kí wọ́n kúkú jọ mọ ọ́n. Wọ́n sún okùn ínṣì 6, ògiri gun ojú ààlà, ínṣì mẹ́rin ààbọ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jọ san owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì. Lójú tèmi, ó sàn kí kálukú mọ tirẹ̀ sínú ilẹ̀ tirẹ̀ bí Bàbá ti ṣe lápá òsì, torí pé fẹ́ǹsì àjùmọ̀ní máa ń dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ fi òrùlé lé e. Wọ́n kọ ìyẹn náà sínú ìwé: kò sẹ́ni tó máa gbé ohunkóhun lé e láìsọ fún ẹnì kejì. Ní ti ẹnì kẹta, kò wó fẹ́ǹsì rẹ̀, Màmá ò sì ní kó wó o. Ó fọwọ́ sí ìwé pé ojú fẹ́ǹsì òun kọ́ ni ààlà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n láti ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló sì padà wá rì pílà àárín tó sọnù. Èèkàn tí ẹ kàn fúnra yín ò di pílà, kò sì sí àṣẹ fún ẹni tí kì í ṣe sọ̀féyọ̀ láti da kọnkéré kó kọ nọ́ńbà sí i. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣí pílà nípò, ọ̀ràn òfin ló dá.

Ẹ padà lọ bá ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n tó da kọnkéré sínú ìpìlẹ̀ náà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí iṣẹ́ dúró díẹ̀, ẹ gbé ìwé sọ̀féè tiyín dání, kí ẹ sì béèrè tiwọn. Bí ẹ bá rí pílà méjì tó wà láàárín yín, ẹ ta okùn láti irin ọ̀kan sí irin èkejì, kò tiẹ̀ sí ohun tí ẹ óò wọ̀n mọ́. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ wọ̀n láti àwọn tó kù bí a ti ṣe. Bí méjèèjì bá sọnù, ẹ pe sọ̀féyọ̀, kí ẹ sì jọ san owó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi fóònù tọ́ka ààlà fún yín o. Fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, ẹsẹ̀ bàtà méjì sì lẹ ń wá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ẹ kọ déètì, nọ́ńbà àwọn pílà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àti gbogbo nọ́ńbà tí téèpù sọ sórí ìwé kan, títí kan sẹ̀ǹtímítà tó lé tàbí tó dín, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ rẹ̀.